Lẹ́tà Ìfipòsílẹ̀ Tí Kò Jọ Ti Ẹlòmíràn: Àgbéyẹ̀wò

Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ilé-Ogbó kì í pẹ́ rí lẹ́tà tí yóò kọ. Ó lè tọ ẹni tó ń tẹ̀wé lọ ní ilé kọ̀ǹpútà, kí onítọ̀hún ṣí èyí tó ti tẹ̀ fún ẹlòmíràn, kó yí orúkọ àti déètì rẹ̀ padà, kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó sì lè wá a fúnra rẹ̀ lórí fóònù. Èyí tó wù kó jẹ́, èdè Òyìnbó ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́, ohun tó sì ń sọ kì í yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí:

«Mo fi lẹ́tà yìí sọ fún yín pé mo fẹ́ fi ipò mi sílẹ̀. Ìpinnu yìí kò rọrùn fún mi rárá. Mo dúpẹ́ fún àǹfààní ńlá tí ẹ fún mi láti dàgbà nídìí iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ara ẹni ló mú kí n máa lọ. Mo gbàdúrà pé kí ilé iṣẹ́ yín máa tẹ̀síwájú.»

Kò sí irọ́ kan tí a lè nawọ́ sí níbẹ̀, kò sì sí òtítọ́ kan tí a lè dì mú. Ní ìlú ńlá, ẹni tó gbà á lè fi í sínú fáìlì kó gbàgbé ẹni tó kọ ọ́. Ní olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédìre, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ilé ìwé àti olùkọ́ tó ń fi í sílẹ̀ yóò ṣì máa pàdé ní ọjà, ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìsọmọlórúkọ. Lẹ́tà náà yóò wà láàárín wọn. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń fẹ́ tún un kọ, kó lè jọ ohùn ẹni tó fọwọ́ sí i.

Báwo ni ká ṣe tún un kọ? Àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí kò sọ ohun kan náà. Kí a lè fi ọ̀rọ̀ wọn wé ara wọn, ẹ jẹ́ ká gbé olùkọ́ ìṣirò kan kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ó ti lo ọdún mẹ́ta ní ilé ìwé girama aládàáni kan ní Ilé-Ogbó. Ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ lọ fún ilé ìwé ní ìkìlọ̀ oṣù kan, tàbí kó san owó oṣù kan dípò rẹ̀. Ó ti rí iṣẹ́ sí Ìbàdàn. Wọ́n sì jẹ ẹ́ ní owó oṣù méjì.

Àwọn tó ní kó kúrú

Àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá ló pọ̀ jù nínú àwọn tó di èrò yìí mú. Ohun mẹ́ta péré ni wọ́n ní kó wà nínú lẹ́tà: ipò tí o ń fi sílẹ̀, pé o ń fi í sílẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò jẹ́ ìgbẹ̀yìn rẹ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ìyẹn, ẹ̀rí ni, ẹ̀rí sì lè yí sẹ́yìn bu ẹni tó kó o kalẹ̀ jẹ.

Òfin wà lẹ́yìn wọn. Láti ìgbà ẹjọ́ Benson àti Onitiri ní ọdún 1960 ni àwọn ilé ẹjọ́ wa ti ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti fi í sílẹ̀, ọ̀gá kò sì ní agbára láti ní òun kò gbà. Ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé ọwọ́ ọ̀gá tàbí aṣojú rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tí a kọ sórí rẹ̀, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ọ̀gá bá fèsì. Abala 306 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ bákan náà fún àwọn tó di ipò tí ìwé òfin náà dá sílẹ̀. Òfin kò béèrè ìdí, kò béèrè ọpẹ́.

Ìkìlọ̀ ńkọ́? Abala 11 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún fúnni ní ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fúnni ní oṣù kan. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kò ka àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ tàbí iṣẹ́ àkóso mọ́ òṣìṣẹ́ tó ń sọ nípa wọn, nítorí náà ìwé ìgbanisíṣẹ́ olùkọ́ wa ni yóò tẹ̀lé: oṣù kan. Bó bá kọ déètì ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà ọdún 2025 sórí lẹ́tà, tí kò sì dé ọwọ́ ilé ìwé títí di ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ kẹrin yẹn ni a ó fi ka oṣù kan náà, kì í ṣe ọjọ́ kejì. Ìdí nìyí tí àwọn oníkúkúrú fi máa ń tẹnu mọ́ ohun kan tí àwọn tó kù kì í rántí: tẹ ẹ̀dà méjì, kí ẹni tó gbà á buwọ́ lu ìkejì, kó kọ déètì sí i, kí ìwọ sì mú un lọ sílé.

Agbára èrò yìí hàn. Àléébù rẹ̀ ni pé òun náà kò sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìlà mẹ́ta tó tutù lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí ìlà mẹ́wàá tó kún fún ìyìn ṣe lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Láàárín àwọn tí yóò máa kí ara wọn láràárọ̀, ìtutù bẹ́ẹ̀ lè dà bí ìbínú tí kò sí níbẹ̀.

Àwọn tó gbé ọpẹ́ ṣíwájú

Àwọn wọ̀nyí ní ọmọ Yorùbá kì í kúrò lábẹ́ ẹni láìdúpẹ́. Wọ́n tọ̀nà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọpẹ́ gan-an ni ibi tí lẹ́tà àdàkọ ti máa ń fara hàn jù. «Àǹfààní ńlá tí ẹ fún mi»: àǹfààní wo? Olùkọ́ ìṣirò, awakọ̀ ilé ìwé àti ẹni tó ń dáná lè fọwọ́ sí gbólóhùn yẹn lọ́jọ́ kan náà.

Ìdánwò tí mo fara mọ́ kò le. Fi ọwọ́ bo orúkọ ìsàlẹ̀, kí o wá bi ara rẹ bóyá ẹlòmíràn nínú ilé iṣẹ́ náà lè fọwọ́ sí gbólóhùn yìí láìyí ohunkóhun padà. Bó bá lè ṣe é, gbólóhùn náà kò tíì jẹ́ tìrẹ. Ohun tó ń sọ ọ́ di tìrẹ ni ìṣẹ̀lẹ̀ kan, pẹ̀lú àkókò rẹ̀, tí ẹni tó ń gbà á yóò rántí. Ká ní olùkọ́ wa kọ ọ́ báyìí: «Nígbà tí ìyá mi wà ní ilé ìwòsàn ní ọdún 2023, ẹ yọ̀ǹda ọ̀sẹ̀ méjì fún mi, ẹ kò sì yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù mi.» Kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn kankan níbẹ̀. Kò sọ pé ọ̀gá jẹ́ aláàánú, ohun tí ọ̀gá ṣe ló sọ, ẹni tó bá kà á yóò sì mọ èwo ni àánú.

Ẹyọ kan tó. Bí ó bá di mẹ́ta, ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ẹ̀bẹ̀, olùgbà yóò sì máa wá ohun tí a fẹ́ tọrọ ní ìsàlẹ̀ ìwé.

«Ìpinnu yìí kò rọrùn fún mi» náà ń béèrè ìtọ́jú kan náà. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé kò rọrùn. Ohun tó mú un le ló yẹ ká sọ. «Láti oṣù Kẹta ni iṣẹ́ Ìbàdàn ti jáde fún mi, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró dè mí títí àwọn ọmọ tó ń ṣèdánwò àṣekágbá yóò fi kọ ìṣirò tán.» Ìmọ̀lára ti kúrò nínú ọ̀rọ̀, ó ti bọ́ sínú ìwà.

Ní ti àdúrà ìparí, èmi kò fara mọ́ àwọn tó ń gé e kúrò nínú lẹ́tà nítorí pé ó ti gbó. Gbogbo wa la jọ ni àdúrà, ẹnikẹ́ni kì í retí kó jẹ́ tuntun.

Ibi tí èrò yìí kò lágbára sí ni ibi tí kò sí ohun tí a fẹ́ dúpẹ́ fún. Ẹni tí wọ́n fìyà jẹ tó sì kọ «mo gbádùn gbogbo àkókò tí mo lò pẹ̀lú yín» ti purọ́, ó sì ti ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́ ṣáájú kó tó pè é, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i.

Àwọn tó ní kí a sọ ìdí

Àwọn ẹlẹ́rò kẹta sọ pé lẹ́tà tí kò bá sọ ìdí kò lè dún bí òtítọ́, ohun yòówù kó wà nínú rẹ̀. Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù tí mo mọ̀ ní Nàìjíríà ni lẹ́tà tí Kẹ́mi Adéòṣun, tó jẹ́ Mínísítà fún Ọ̀rọ̀ Ìṣúná nígbà náà, kọ sí Ààrẹ Bùhárí ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án pé ìwé tó fi hàn pé wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ kì í ṣe ojúlówó, ìwádìí sì ti parí.

Ó yẹ ká ka lẹ́tà yẹn tìṣọ́ratìṣọ́ra, nítorí ohùn méjì ló wà nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọpẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀ fún iyì àti àǹfààní láti sìn lábẹ́ Ààrẹ, pẹ̀lú ìyìn ìwà rẹ̀. Mínísítà èyíkéyìí lè kọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí ìwé ẹ̀rí náà, ohùn yí padà. Ó ní ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti bí òun tí wọ́n sì ti tọ́ òun. Pé ìsinmi lòún máa ń wá ṣe sí Nàìjíríà, pẹ̀lú físà nínú páásípọ́ọ̀tù ìlú Òyìnbó, títí òun fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọjọ́ orí yẹn náà lòún sì kọ́kọ́ gba páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà. Pé òun ti fi ìwé ẹ̀rí náà hàn ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ọdún 2011, àti fún àwọn ọlọ́pàá inú àti ilé aṣòfin àpapọ̀ ní ọdún 2015. Ọjọ́ orí, ibi, ọdún, ìwé. Ẹlòmíràn kò lè fọwọ́ sí i.

Síbẹ̀ ibì kan wà tó tún fẹ́lẹ́: ibi tó ti sọ pé àwọn tí òun fọkàn tán ló bá òun lọ gba ìwé náà. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bóyá ìmọ̀ràn agbẹjọ́rò ni, bóyá àánú ni, ibẹ̀ náà ni àwọn tó kà á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè. Nínú lẹ́tà tó fi gbogbo nǹkan hàn ní kedere, ibi tó bá ṣókùnkùn ni ojú ń lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ kò kàn án, nítorí pé ọmọ ìlú Òyìnbó ni nígbà tó jáde ní yunifásítì. Àwọn kókó nípa ìbí àti ìwé ìrìnnà tó kọ sínú lẹ́tà sún mọ́ ohun tí adájọ́ gùn lé. Lẹ́tà gbólóhùn mẹ́ta kì bá tí fi irú rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mínísítà kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí olùkọ́, àmọ́ ìdí ń ṣiṣẹ́ fún olùkọ́ náà. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà gbà pé ọ̀gá lè fi ìwà rẹ̀ lé òṣìṣẹ́ kúrò níṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà. Àìsanwó oṣù lè wà lára irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ lọ́la, tí lẹ́tà rẹ̀ sì sọ pé «ọ̀rọ̀ ara ẹni» ló mú òun lọ, pé òun gbádùn ibẹ̀ gan-an, ti fún agbẹjọ́rò kejì ní ohun tí yóò kà sókè ní kóòtù.

Kí wá ni olùkọ́ wa yóò ṣe nípa owó oṣù méjì? Àwọn tó ń sọ ìdí máa ń ṣubú níbí, nítorí inú tó bí wọn ń bọ́ sórí ìwé. «Ẹ ti rẹ́ wa jẹ, ẹ kò ka òṣìṣẹ́ sí ènìyàn» lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi hàn, ọ̀gá yóò sì fèsì sí èébú dípò gbèsè. Yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe ènìyàn kúrò, kí o fi oṣù sílẹ̀: «Owó oṣù Kẹrin àti ti oṣù Karùn-ún kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín kí ẹ san wọ́n pẹ̀lú ti oṣù Kẹfà ní ọjọ́ tí mo bá gbé iṣẹ́ sílẹ̀.» Èyí le ju èébú lọ, kò sì ní kí àgbà má lè wo ojú ẹni ní ọjà.

Kì í ṣe gbogbo ìdí ló yẹ kó dé orí ìwé o. Àìsàn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, iye owó tí Ìbàdàn yóò máa san: ẹni tó bá pa wọ́n mọ́ kò parọ́. «Mo ti rí iṣẹ́ sí Ìbàdàn» tó.

Àwọn tó ní iṣẹ́ tó kù ni kí a kọ

Èrò yìí ni kò gbajúmọ̀, òun sì ni mo rò pé ó sún mọ́ òtítọ́ jù. Wọ́n ní lẹ́tà kì í dún bí òtítọ́ nítorí ohun tí òǹkọ̀wé sọ nípa ọkàn rẹ̀. Ó ń dún bí òtítọ́ nítorí pé ó fi hàn pé òǹkọ̀wé mọ iṣẹ́ tó ń fi sílẹ̀. Kò sí àdàkọ tó lè mọ ibi tí kíláàsì dé nínú ìwé ìṣirò.

Ẹ wo ohun tí olùkọ́ wa mọ̀ tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Kíláàsì kejì ti sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ti parí òfin sáìnì, wọ́n sì wà ní ìdajì òfin kósáìnì. Ó ti kọ máàkì ìdánwò kékeré méjì sílẹ̀, ẹ̀kẹta kù. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá lọ láìsọ wọ̀nyí, ẹni tó ń bọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, àwọn ọmọ yóò sì pàdánù ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà tí ìdánwò ìgbéga ń kanlẹ̀kùn. Bí ó bá sọ wọ́n, lẹ́tà náà lè rí báyìí:

«Mo fi lẹ́tà yìí fi ipò olùkọ́ ìṣirò sílẹ̀. Ìkìlọ̀ oṣù kan tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá gba lẹ́tà yìí. Mo ti rí iṣẹ́ sí Ìbàdàn. Láti oṣù Kẹta ló ti jáde, mo sì ní kí wọ́n dúró títí àwọn ọmọ tó ń ṣèdánwò àṣekágbá yóò fi kọ ìṣirò tán. Kíláàsì kejì ti parí òfin sáìnì. Èmi yóò parí òfin kósáìnì pẹ̀lú wọn kí n tó lọ, èmi yóò sì fi máàkì ìdánwò kẹta lé olùkọ́ àgbà lọ́wọ́ pẹ̀lú méjì tó ti wà nílẹ̀. Mo kọ àwọn ìwé àti kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ mi sí ojú ewé kejì. Owó oṣù Kẹrin àti ti oṣù Karùn-ún kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín kí ẹ san wọ́n pẹ̀lú ti oṣù Kẹfà. Nígbà tí ìyá mi wà ní ilé ìwòsàn ní ọdún 2023, ẹ yọ̀ǹda ọ̀sẹ̀ méjì fún mi láìyọ owó mi. Èmi àti ìyá mi kò gbàgbé. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ilé ìwé yìí máa gbòòrò.»

Gbèsè àti ọpẹ́ wà nínú lẹ́tà kan náà, wọn kò sì pa ara wọn. Àdàkọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: bí ó bá ń dúpẹ́, ó gbọ́dọ̀ dúpẹ́ fún gbogbo nǹkan.

Àléébù wà. Ẹni tó bá ṣèlérí lórí ìwé pé òun yóò parí ẹ̀kọ́ kan ti fi ara rẹ̀ sábẹ́ ìlérí yẹn. Bí iṣẹ́ tuntun bá pè é ṣáájú, lẹ́tà rẹ̀ ni wọn yóò fi mú un. Ó sì lè gùn jù. Ìdí nìyẹn tí ojú ewé kejì fi dára fún ẹrù àti kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó sì ń lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tó ń san owó oṣù kan dípò ìkìlọ̀, kò ní àkókò fún irú lẹ́tà yìí. Ti àwọn oníkúkúrú ló bá a mu.

Ẹnu ṣáájú ìwé

Àwọn àgbà kan kò tilẹ̀ bá wa jiyàn lórí ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé. Wọ́n ní kí olùkọ́ kọ́kọ́ lọ sílé ẹni tó ni ilé ìwé, bóyá pẹ̀lú àgbà kan, kó fi ẹnu sọ ọ́. Èyí dára, ó sì ń mú kí lẹ́tà lè kúrú láìtutù. Ṣùgbọ́n ẹnu kì í bẹ̀rẹ̀ ìkìlọ̀ tí a kọ sínú àdéhùn. Ẹni tó fi ẹnu sọ ọ́ ní oṣù Kẹrin tó sì fi lẹ́tà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà, oṣù Kẹfà ni yóò ti máa kà.

Ohun tí kò tíì yanjú

Bóyá lẹ́tà kan ni yóò jẹ́ tàbí méjì, ẹnu kò kò. Àwọn kan ní kí gbèsè àti ìkìlọ̀ wà nínú ọ̀kan tí yóò lọ sínú fáìlì, kí ọpẹ́ wà nínú èkejì tí a fi ọwọ́ kọ fún ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ó mọ́gbọ́n wá, àmọ́ ó ń gé ènìyàn kan sí méjì, lẹ́tà ọpẹ́ tí kò sí nínú fáìlì kò sì ní ran olùkọ́ lọ́wọ́ bí ẹnì kan bá ní ó lọ pẹ̀lú ìjà.

Wọ́sáàpù náà ń fa àríyànjiyàn. Òfin ẹ̀rí ọdún 2011 fàyè gba ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ní kóòtù, ṣùgbọ́n gbígbà ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìfipòsílẹ̀ rọ̀ mọ́. Ṣé àmì tó ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti dé fóònù ọ̀gá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú kí ọ̀gá gbà á? Bí fóònù náà bá wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ńkọ́?

Èyí tó le jù nínú wọn ni ti ọwọ́ tó kọ ọ́. Nígbà tí àwọn akọ̀wé ń jókòó lẹ́bàá ọjà tí wọ́n ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà, òfin ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n kà á fún ẹni tó ni í, kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tiwọn sí i. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ àti ẹni tó ni gègé hàn síta. Lónìí, ẹni tó mọ̀wé dáadáa ni ẹlòmíràn ń bá tún lẹ́tà rẹ̀ kọ ní ilé kọ̀ǹpútà, kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀ bí kò ṣe tirẹ̀. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ bá jẹ́ tirẹ̀ tí gbólóhùn sì jẹ́ ti ẹlòmíràn, àwọn kan yóò pè é ní òtítọ́, àwọn mìíràn yóò ní òtítọ́ àyálò ni. Èmi rò pé ìṣẹ̀lẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó ń kọ lẹ́tà fún ènìyàn tí wọn kò gbà bẹ́ẹ̀.